Nígbà tí Ọ́pídéètì Bá Parí tí Ìka Ò Wọlé Mọ́

Ẹjọ́ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń fi fóònù san owó tí wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Fóònù mú ọ́pídéètì wá lóru, ó kú, ó tún tan ara rẹ̀ padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, áàpù báńkì tó máa ń ṣí ní kété tí ìka bá kàn án ní òun ò mọ ìka náà mọ́, tàbí kí ìkànnì tí a máa ń fi páàsìkì wọ̀ sọ pé òun ò rí páàsìkì kankan lórí fóònù yìí. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ọ́pídéètì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èrò mi ni pé ẹ̀sùn yẹn kì í sábà tọ́. Ọ́pídéètì fúnra rẹ̀ kì í dédé pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́. Ohun mìíràn tó bá a rìn ló máa ń já okùn tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìka tàbí mọ́ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí fóònù, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ yẹn kó lè kú tí okùn náà bá já. Ibi tí ẹ̀bi wà gan-an ni pé àwọn tó ni áàpù mọ̀ pé ikú yìí lè dé nígbàkigbà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pèsè ọ̀nà tí oníbàárà máa gbà wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, a ní láti ya ohun mẹ́ta tí à ń kó pọ̀ sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìtẹ̀ka tàbí ojú tí fóònù fúnra rẹ̀ mọ̀. Apá kan tó wà ní ààbò nínú ẹ̀rọ náà ló ń tọ́jú rẹ̀, kì í sì í jáde níbẹ̀. Áàpù báńkì kò rí ìka yín rí, báńkì náà kò sì ní i lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí fóònù ń sọ fún áàpù kò ju pé ìka bá ara mu tàbí kò bá ara mu. Ìkejì ni kọ́kọ́rọ́ tí áàpù kọ̀ọ̀kan ní kí Android bá òun ṣe, èyí tó wà nínú àpótí tó ń jẹ́ Android Keystore. Ìka ni ó ń fún áàpù láyè láti lo kọ́kọ́rọ́ yìí, kọ́kọ́rọ́ náà ló sì ń ṣe ẹ̀rí fún báńkì pé fóònù tó forúkọ sílẹ̀ nìyí. Ìkẹta ni páàsìkì. Òun jẹ́ kọ́kọ́rọ́ méjì tó bára mu: ìkànnì mú ọ̀kan, olùtọ́jú bí Google Password Manager tàbí iCloud Keychain sì mú èkejì, ó sì ń pín in dé orí gbogbo ẹ̀rọ tí ẹnì kan náà ń lò. WebAuthn, ìlànà tí páàsìkì dúró lé, ti di ìlànà gbogbo ayé lọ́wọ́ W3C láti oṣù Kẹta ọdún 2019. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Apple, Google àti Microsoft jọ kéde pé àwọn máa gbé e dé orí ẹ̀rọ àwọn. Ìtẹ̀ka, kọ́kọ́rọ́ áàpù àti páàsìkì lè kú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwòsàn wọn kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọ́pídéètì ń ṣe ní ti gidi. Ọ́pídéètì tó bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé máa ń pààrọ̀ apá tí Android fúnra rẹ̀ ń gbé. Apá tí dátà oníbàárà wà kì í fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ṣe Android tiẹ̀ ronú nípa kọ́kọ́rọ́ gan-an. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ inú Keystore ló ní àmì irú Android tí wọ́n ti ṣe é àti oṣù tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọ́pídéètì, apá ààbò inú ẹ̀rọ á rí i pé àmì yẹn ti di ti àtijọ́, á ní kí wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ náà di tuntun kó tó ṣiṣẹ́, Android á sì ṣe é láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Látìgbà náà lọ, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní gbà fún Android àtijọ́ mọ́, kí ẹni ibi má bàa dá fóònù padà sí ẹ̀yìn láti lo ihò tí wọ́n ti dí. Ẹni tó bá ṣe irú ètò báyìí kò pinnu pé kí ọ́pídéètì máa pa kọ́kọ́rọ́. Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ níbí. Tí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, ì báà jẹ́ Android tàbí iPhone, ó máa kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà kó tó gba ìka tàbí ojú. Ọ̀pọ̀ ló ti rí ìyẹn tó sì rò pé ìtẹ̀ka òun ti parẹ́, tó sì bọ́ sínú ètò fóònù láti pa á kó tún un tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ni pé láti Android 6.0, tó jáde ní ọdún 2015, kọ́kọ́rọ́ tí áàpù bá so mọ́ ìka máa ń kú pátápátá bí ẹnikẹ́ni bá fi ìka tuntun kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀, tàbí bí ìka kankan kò bá ṣẹ́ kù lórí fóònù. Bí áàpù kò bá sọ ohun mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni Android máa ṣe é. Ọ̀nà tí ó ń gbà mọ̀ kò ṣòro. Apá tó ń tọ́jú ìtẹ̀ka ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí kò ní ìtumọ̀ sí ènìyàn. Kọ́kọ́rọ́ áàpù sì ń rántí nọ́ńbà yẹn. Tí ìka tuntun bá wọlé, nọ́ńbà náà yí padà, kọ́kọ́rọ́ kò sì rí ẹni tó mọ̀ mọ́. Bákan náà ni ti nọ́ńbà tí a fi ń ṣí fóònù. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà àtijọ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, kódà fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó fi òmíràn sí i, ìdánimọ̀ tuntun ló máa ní, gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ti àtijọ́ á sì ti lọ. Ohun tí áàpù máa rí gbà lọ́wọ́ Android nígbà tó bá fẹ́ lo kọ́kọ́rọ́ tó ti kú nìyí:

```
android.security.keystore.KeyPermanentlyInvalidatedException
```

Orúkọ yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ náà kò ní sàn mọ́ láé. Áàpù tí wọ́n kọ dáadáa máa gbọ́ ohùn yìí, á pa kọ́kọ́rọ́ tó kú rẹ́, á ṣàlàyé fún oníbàárà pé ìtẹ̀ka orí fóònù ti yí padà, á béèrè pásíwọ́ọ̀dù, á sì ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun tí ó máa fi ránṣẹ́ sí báńkì. Èyí tí wọn kò kọ dáadáa máa kàn sọ pé ìwọlé kò ṣeé ṣe, kí ẹ tún gbìyànjú. Oníbàárà á máa tẹ ìka títí ilẹ̀ á fi ṣú, kọ́kọ́rọ́ tó ti kú ni ó ń kàn lójú.

Ẹ̀rí tó ṣe kedere jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Obìnrin kan ní Britain ra ìbòjú fóònù oníṣílíkóònù, ó fi bo Samsung Galaxy S10 rẹ̀, ó sì rí i pé ìka ọkọ òun tí kò forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù náà ń ṣí i. Samsung ṣàlàyé pé ìlà tó wà lára àwọn ìbòjú kan ni ẹ̀rọ tó ń ka ìka kà mọ́ ìtẹ̀ka. Àwọn báńkì kò dúró: NatWest ní Britain yọ áàpù rẹ̀ kúrò lórí Play Store fún àwọn tó ní S10, KakaoBank ní South Korea sì sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n pa ìwọlé oníka. Kí oṣù náà tó parí, Samsung gbé àtúnṣe jáde, ó sì ní kí àwọn oníbàárà yọ ìbòjú náà, kí wọ́n pa gbogbo ìtẹ̀ka wọn rẹ́, kí wọ́n sì tún wọn tẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan ní London tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí, tó sì ní áàpù báńkì tó ń tẹ̀ lé ètò tí Android fi lélẹ̀. Ó gba àtúnṣe náà, fóònù tan, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ báńkì ṣì wà láàyè. Ó bọ́ sínú ètò, ó pa ìtẹ̀ka méjèèjì tó ní. Bí èyí tó kẹ́yìn ti lọ, kọ́kọ́rọ́ báńkì kú. Ó tún àtàǹpàkò kan náà tẹ̀, fóònù ń ṣí bí ó ti ń ṣí tẹ́lẹ̀, ó ṣí áàpù, áàpù kọ̀. Ẹni yìí máa sọ pé ọ́pídéètì ló pa á, èèyàn kò sì ní bá a wí, nítorí wákàtí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló pa á, lábẹ́ ìtọ́ni tó tọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì yẹ kó rí: kò sí bí áàpù ṣe lè mọ̀ pé àtàǹpàkò tuntun yẹn kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Lọ́dọ̀ wa, ohun mìíràn tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ní Computer Village n'Ìkẹjà àti ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, wọ́n máa ń sọ pé àwọn fi sọ́fíwíà sí fóònù. Oníbàárà á lọ sílé, á sọ pé wọ́n bá òun ṣe ọ́pídéètì. Kì í ṣe ohun kan náà rárá. Ohun tí oníṣẹ́ ṣe ni pé ó fláàṣì rẹ̀: ó fi kọ̀ǹpútà kọ gbogbo ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì nu apá tí dátà wà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú èyí, lóòótọ́ ni gbogbo nǹkan lọ, ìtẹ̀ka, kọ́kọ́rọ́ áàpù àti ohun gbogbo, kò sì sí ọgbọ́n kankan tó lè dá kọ́kọ́rọ́ inú Keystore padà, nítorí wọn kò ṣe é kó lè jáde kúrò lórí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá tan fóònù tí ó ń kí yín káàbọ̀ bíi fóònù tuntun, tó ń béèrè èdè àti àkáǹtì Google, fláàṣì ni wọ́n ṣe. Bí àwòrán, nọ́ńbà ìbánisọ̀rọ̀ àti àwọn áàpù yín bá ṣì wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí, ọ́pídéètì ni. Ìmọ̀ràn mìíràn tí àwọn èèyàn máa ń gbà ni pé kí wọ́n lọ tẹ `Clear data` lórí áàpù tó ń kọ̀. Ẹ ṣọ́ra. `Clear cache` kò léwu, ṣùgbọ́n `Clear data` ń pa kọ́kọ́rọ́ áàpù náà rẹ́ pẹ̀lú, bí ìgbà tí ẹ bá yọ áàpù náà tí ẹ sì tún un gbé sórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ páàsìkì yàtọ̀, nítorí kì í ṣe orí fóònù kan ṣoṣo ló wà. Páàsìkì tó bá wà lọ́dọ̀ Google Password Manager ń padà wá lẹ́yìn ọ́pídéètì, kódà lẹ́yìn fláàṣì, bí ẹni tó ni ín bá lè wọ àkáǹtì Google rẹ̀, tó sì rántí nọ́ńbà tó fi ń ṣí fóònù tó lò tẹ́lẹ̀ tàbí PIN tí Google Password Manager bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2024. Google kò lè ṣí páàsìkì náà láìsí nọ́ńbà yìí, ó sì níye ìgbà tí èèyàn lè gbìyànjú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó ń sọnù nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ páàsìkì ni ìrántí nọ́ńbà yẹn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, páàsìkì náà kò lọ síbì kankan. Ibòmíràn ni fóònù ń wò. Láti Android 14, oníbàárà lè yan olùtọ́jú mìíràn dípò ti Google. Bí ó bá yan èyí tuntun láìronú, tàbí tí ó ń lo àkáǹtì Google méjì tó sì fi ọ̀kan ṣe páàsìkì, ìkànnì á sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ wá ibi tí ètò fóònù ti ń sọ nípa `Passwords, passkeys & accounts`, tó ń jẹ́ `Passwords & accounts` lórí àwọn fóònù kan, kí ẹ wo olùtọ́jú tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó parí èrò pé nǹkan ti sọnù. Ohun kan ni kí ẹ má ṣe pa rẹ́ láìrọ́pò: páàsìkì tó bá kúrò lọ́dọ̀ olùtọ́jú kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ìkànnì, torí ìdajì tó wà lọ́dọ̀ ìkànnì kò lè bí ìdajì kejì.

Ẹnì kan lè ní mò ń gbèjà àwọn tó ń ṣe fóònù, pé ọ́pídéètì tó bàjẹ́ wà. Ó wà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Android 14 dé orí àwọn fóònù Pixel, àwọn tó ní ju olùlò kan lọ lórí fóònù wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ibi ìpamọ́ dátà wọn ti tì mọ́ wọn lọ́wọ́. Fóònù àwọn kan ń tan, ó ń kú láìdúró. Pixel 6 sókè ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Google gbà pé àléébù ni, ó sì gbé àtúnṣe jáde ní oṣù Kọkànlá. Èyí jẹ́ ìpalára gidi láti ọwọ́ ọ́pídéètì, ẹni tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àmọ́ ẹ wo bí ó ṣe rí: gbogbo ibi ìpamọ́ ló kàn, àwòrán àti fáìlì kò ṣeé dé. Kì í ṣe áàpù kan ṣoṣo ló kọ ìka nígbà tí gbogbo ìyókù ń ṣiṣẹ́. Àmì tí a fi lè mọ ìyàtọ̀ nìyẹn. Bí ìka bá ṣí fóònù ṣùgbọ́n tí áàpù kan kọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ áàpù yẹn ló kú. Bí ìka kò bá ṣí fóònù rárá lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ nọ́ńbà, ìtẹ̀ka tàbí ẹ̀rọ tó ń kà á ló ní àléébù. Bí áàpù gbogbo bá ń gba ìka tó sì jẹ́ ìkànnì kan ni kò rí páàsìkì, ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ni kí ẹ wò.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò fi jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ máa wà láàyè bí ìka bá yí? Wàhálà á dín kù. Òótọ́ ni, áàpù lè yàn bẹ́ẹ̀. Àyè rẹ̀ wà nínú Android, ó sì wà nínú iPhone. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa olè tó rí nọ́ńbà yín nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, tó sì já fóònù gbà. Nọ́ńbà yẹn tó fún un láti fi ìka tirẹ̀ kún ìka yín. Bí kọ́kọ́rọ́ báńkì bá gba ìka tuntun, owó yín ti lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ní Amẹ́ríkà sọ ìtàn àwọn olè ilé ọtí tí wọ́n ń wo nọ́ńbà iPhone kí wọ́n tó jí i, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà náà gba gbogbo ohun tó kù. Apple dáhùn ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pẹ̀lú iOS 17.3: ẹni tó bá tan ààbò tuntun rẹ̀, nọ́ńbà nìkan kò tó mọ́ fún àwọn ohun ńlá tí fóònù bá wà níbi tí kò mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń kú ní ìlànà ń dáàbò bo owó yín lọ́jọ́ tí fóònù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èmi kò ní bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú un kúrò.

Àwọn mìíràn máa ní kí a kúkú padà sí pásíwọ́ọ̀dù tí kò bìkítà fún ọ́pídéètì. Àdánù rẹ̀ pọ̀ jù. Pásíwọ́ọ̀dù ṣeé tàn gbà: ojú-ìwé ayédèrú tó jọ ti báńkì lè gbà á lọ́wọ́ yín, ẹni tó ń pè bí òṣìṣẹ́ báńkì lè ní kí ẹ kà á fún òun. Páàsìkì mọ àdírẹ́sì ìkànnì tí wọ́n ṣe é fún, kò sì ní dáhùn sí èyí tó jọ ọ́. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé kí ọ̀nà kejì wà, kí ó sì ṣiṣẹ́ gan-an.

Níbí ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwọn báńkì àti àwọn áàpù Nàìjíríà wà. Ọ̀nà kejì tí ọ̀pọ̀ wọn ní kò ju nọ́ńbà ìfìdímúlẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí síìmù lọ. Lábẹ́ òfin NCC, síìmù tí wọn kò fi ṣe nǹkan kan tó ń mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà lè di títì pa, tí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì kọjá, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Ẹ ronú ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Manchester, tí àkáǹtì rẹ̀ wà n'Ìbàdàn, tí síìmù rẹ̀ sì wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ áàpù rẹ̀ kú nígbà tó tún ìka rẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn ọ́pídéètì; kò rántí pásíwọ́ọ̀dù tí kò tẹ̀ láti ìgbà pípẹ́; àtẹ̀jíṣẹ́ lọ sí síìmù tó ti kú. Ohun mẹ́ta ló já, báńkì ló sì ní ọwọ́ nínú méjì. Kí wọ́n máa béèrè pásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí èèyàn má bàa gbàgbé rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ó forúkọ fóònù kejì sílẹ̀ tàbí páàsìkì kejì. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá kú, kí áàpù sọ ọ́ ní gbangba, ní èdè tí oníbàárà gbọ́, pé ìtẹ̀ka ti yí padà, kí ó sì júwe ohun tó kù láti ṣe.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: kí ẹ tó gba ọ́pídéètì tó ń bọ̀, ẹ jáde kúrò nínú áàpù báńkì yín, kí ẹ sì fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé, láìlo ìka. Bí ẹ kò bá rántí rẹ̀, ìsinsìnyí tí síìmù yín ṣì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ sì má ṣe fọwọ́ kan ìtẹ̀ka yín lẹ́yìn ọ́pídéètì àyàfi tí ó bá dá yín lójú pé ó ti bàjẹ́.